Omi táńkì ìrẹsì tó ń fì sókè sódò

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, omi táńkì tí a fi ń rẹ ìrẹsì níbí ní Ìgbẹmọ kò dúró lórí 60°C. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Mo dín géènì kọntrólà hítà rẹ̀ kù títí, ńṣe ló ń burú sí i. Ṣé mo lè fi ìdánwò ṣe PID rẹ̀ láì lo odindi ọjọ́ kan?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín géènì yẹn kù mọ́. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn lórí irú táńkì bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì níbí: omi lítà 400, hítà kílówáàtì 9. Òfin Ziegler àti Nichols ti ọdún 1942 ni mo kọ́kọ́ lò, ó fún mi ní géènì 37, àti ìṣẹ́jú 27 fún Ti, ìyẹn àkókò apá I nínú PID. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì, láti òkè kan dé èkejì ò ju bí ìṣẹ́jú 48 lọ. Mo bá já géènì wá sí 8, mo fi Ti sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fì lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin kó tó dé òkè kejì, ó sì wá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrẹsì ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú omi yẹn, ó dùn mí gan-an.

Ìgbà tí mo wo iye àkókò yẹn ló yé mi. Ẹ wá ìṣẹ́jú tí omi yín fi ń dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí hítà padà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ pè é ní L. Tí òkè sí òkè bá jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà L, géènì ló pọ̀ jù. Tó bá gùn tó ìlọ́po ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ti ló kúrú jù fún géènì tó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì tún dín géènì, ẹ ń tì í sínú ọ̀fìn ni. Lórí táńkì tó lọ́ra, géènì àti Ti jọ ń rìn ni: tí ọ̀kan bá kéré, èkejì gbọ́dọ̀ tóbi.

Ní ti ìdánwò, ẹ ò ní láti dúró kí omi parí gbígbóná. Táńkì tèmi ìbá gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó tẹ́jú, iná á sì ti lọ. Ìgòkè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ti tó. Mo fi kọntrólà sí MAN kí n lè fọwọ́ darí rẹ̀, mo fi OP, ìyẹn agbára tó ń lọ sí hítà, sí 30%, mo dúró títí PV, ìyẹn ìgbóná omi tí sẹ́ńsọ̀ ń kà, kò fi sún ju 0.1 lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́wàá, mo gbé OP sí 60%, mo ń kọ PV sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ó ń jókòó sórí 60.0 ná. Ní 10:20 ó jẹ́ 61.1, ní 10:50 ó jẹ́ 63.8. Mo fa ìlà tó tọ́ gba ojú méjèèjì, mo sì fà á padà sẹ́yìn títí ó fi kan 60.0: aago 10:08 ló kàn án. L jẹ́ ìṣẹ́jú 8 nìyẹn. Mo pín ìgòkè sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mo tún fi 30 tí mo fi kún OP pín in, ìyẹn ni k; Kc sì ni géènì:

```
k  = (63.8 - 61.1) / 30 / 30 = 0.003
Kc = 0.5 / (k * L) = 20.8
Ti = 8 * L = 64 min
```

Òfin Skogestad fún ohun tó lọ́ra ni èyí. Ẹ wo bí Ti ṣe ju ìlọ́po méjì 27 tí mo kọ́kọ́ fi sí i lọ. Mi ò lo D, apá kẹta PID, rárá. Pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tó ń fò 0.1 lẹ́ẹ̀kan, hítà á kàn máa jà ni.

Ohun tó bà mí jẹ́ nígbà kan ni pé mo ṣe ìdánwò nígbà tí omi ṣì ń gbóná láti àárọ̀. Ó ti ń gòkè 0.03 ní ìṣẹ́jú kan kí n tó fọwọ́ kan OP, ìgòkè tí mo kà wá di 0.12, géènì tó jáde sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ ò bá lè dúró kó tẹ́jú, ẹ ka ìgòkè tó wà ṣáájú, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ wo ohun tí kọntrólà yín ń béèrè. Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ tèmi jẹ́ 0 sí 100°C, ìdí nìyẹn tí °C kan fi jẹ́ 1%. Tó bá ń béèrè P ní °C, 100/20.8 ni, ìyẹn 4.8. Tó bá ń béèrè I ní ìṣẹ́jú àáyá, 3840 ni. Mo ti rí ẹni tó tẹ 64 síbẹ̀, tó sì ń bú hítà.

Kí omi inú táńkì sì jẹ́ iye tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ń rẹ ìrẹsì pẹ̀lú ìdajì omi, k á di ìlọ́po méjì, Kc á sì ní láti wá sí nǹkan bíi 10, kí ẹ tún wọn L.