Bí a ṣe ń kọ ohun tó wà nínú fídíò fún ẹ̀rọ tí kò lè wò ó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń wé gèlè, mo sì ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin kan. Àwọn tó ń wò ó kì í wò ó tán. Ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá tó wà lórí fóònù mi, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbà, kò lè wo fídíò. Mo ṣàlàyé fún un títí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó ń fún mi kò bá fídíò mi mu rárá. Kí ni kí n máa kọ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí àwọn oníbàárà mi sábà máa ń kọ sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni pé, "Fídíò gèlè ni, mo ṣàlàyé dáadáa, iná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń sá." Bí tiyín náà bá jọ èyí, ẹ wò ó dáadáa: kò sí ohun kan tí ojú rí nínú rẹ̀. "Mo ṣàlàyé dáadáa" jẹ́ èrò ẹni tó ṣe fídíò. Ibi tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ̀rọ náà kì í sábà bi yín léèrè, ohun tó ti kà nípa gèlè àwọn ẹlòmíràn ló máa ń fi dí i. Ìyẹn ló mú kí ìmọ̀ràn rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ mi ni gígé fídíò. Kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé la ti ń kọ ohun tó wà nínú àwòrán sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a yà á, ọ̀nà yẹn náà ni mo sì ń lò. Mo máa ń wo fídíò lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, màá pa ohùn rẹ̀ pátápátá, màá kọ ohun tí ojú mi rí nìkan àti àkókò tí mo rí i. Lẹ́ẹ̀kejì, màá da ojú fóònù dé orí tábìlì, màá máa gbọ́ ọ, màá sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó máa ń rò pé òun ń rí ohun tí òun ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí nínú àwòrán. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan bá mi jiyàn lórí èyí títí tí mo fi pa ohùn fídíò rẹ̀. Ó dákẹ́.

Fídíò gèlè ni tirẹ̀ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ohun tí a jọ kọ nípa apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí; Olùwé ni ẹni tó ń wé gèlè, Oníbùjókòó sì ni ẹni tó ń wé e fún:

0:00–0:14. Kámẹ́rà dúró lójú kan níwájú, láti orí dé àyà. Olùwé mú gèlè búlúù dání, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ohùn: ó ń kí àwọn èèyàn, ó sì dárúkọ ara rẹ̀.

0:14–0:52. Kámẹ́rà kò kúrò níbẹ̀. Olùwé ń ṣẹ́ etí gèlè po lórí itan rẹ̀. A rí ojú àti èjìká rẹ̀, a ò rí ọwọ́ rẹ̀. Ohùn: "Ẹ máa ṣẹ́ ẹ báyìí, kó máa tẹ̀lé ara wọn."

0:52–1:10. Olùwé gbé gèlè lé iwájú orí Oníbùjókòó, gèlè bo etí rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ hàn. Ohùn: kò sí, orin nìkan.

1:10–1:49. Olùwé fa apá gèlè méjèèjì lọ sẹ́yìn orí Oníbùjókòó, ó sì so wọ́n. Kámẹ́rà ṣì wà níwájú, a ò rí ibi tó ti ta kókó. Ohùn: "Ẹ mú èyí gba abẹ́ ìyẹn, kí ẹ wá fà á."

Ìgbà tí kámẹ́rà bá yí, tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, nígbà yẹn nìkan ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Gbogbo fídíò yẹn kò ju ìlà 11 lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé a kọ ohun tí a ò rí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àrùn fídíò náà wà. Àkókò tí ọwọ́ kò fi hàn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 77 nínú 220, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, inú rẹ̀ náà sì ni ohùn ti ń sọ pé "báyìí," "èyí," "ìyẹn." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán ló ń fún un nítumọ̀. Lórí ìwé, òfìfo ni. Ẹ má yọ wọ́n kúrò o, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí ẹ wá kọ ohun tó hàn nígbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan méjì wà tó jẹ́ ti èdè wa. "Ó" wa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí ẹni méjì bá sì wà nínú àwòrán, "ó fà á, ó sì rẹ́rìn-ín" kò jẹ́ ká mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ wọ́n ní Olùwé àti Oníbùjókòó, tí a kò sì yí i padà títí dé ìparí. Èkejì ni àmì. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí àmì máa kọ "ọwọ́" ní "owo," ẹ̀rọ náà sì lè kà á sí owó tí a ń ná. Bí ẹ ò bá lè fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ẹ kọ "owo otun" tàbí "owo osi," kó lè hàn pé ti ara ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ nípa àwọn tó ń wò ó kún un. YouTube Studio máa ń ya ìlà tó ń fi ibi tí wọ́n ti ń kúrò hàn. Ti oníbàárà mi já sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 0:20, a sì kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ ìwé wa. Ẹ má wá ní kí ẹ̀rọ náà "tún fídíò náà ṣe." Ohun tí a bi í ni pé níbo ni ohùn ti ń tọ́ka sí ohun tí kò hàn, àwòrán kúkúrú wo sì ló tó láti fi dí ibẹ̀. Ó mú 0:14 àti 1:10 jáde. A tún yà á lẹ́ẹ̀mejì: ọwọ́ láti òkè, àti ẹ̀yìn orí. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì gé ìyókù kúrò.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ bi í: bóyá àwòrán méjì so pọ̀ dáadáa, bóyá orin bá ìṣípò ọwọ́ mu, bóyá àwọ̀ gèlè wù ú. Ìwé yín kò lè gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ yóò dáhùn. Bó bá sì bá yín kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹ kà á sókè kí ẹ wo aago, torí kò gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn kankan, ẹ ní kó fi àkókò tó wà nínú ìwé yín ti gbogbo ohun tó bá sọ lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i tó ń sọ̀rọ̀ nípa dígí tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ kò kọ, àròsọ ni, ẹ fò ó. Bó bá sì jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn Oníbùjókòó lóòótọ́, tó ń tàn ju gèlè lọ, ẹ padà lọ kọ ọ́ sí ìlà tó yẹ, kí ẹ sì bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.