Èsì: Owó oṣù lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ICAN

"Mo ti yege ICAN, ọ̀gá mi kàn ní 'ẹ kú oríire'. Báwo ni mo ṣe máa béèrè àfikún owó?"

Ẹ má tíì dárúkọ owó. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ará ìta. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké l'Ékòó, alámọ̀ràn ló ń bá wọn ṣe ìwé owó orí ọjà tó gbọ́dọ̀ wọlé, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ká ní ₦120,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù, tí owó oṣù tiyín sì jẹ́ ₦250,000. Ẹ ṣe ti oṣù kan fúnra yín, kí ẹ fi wé tirẹ̀. Tó bá bára mu, ẹ wọlé: "Sà, mo lè gba iṣẹ́ yìí ṣe, kí owó oṣù mi di ₦330,000." Ilé-iṣẹ́ ṣì jèrè ₦40,000 níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń dúnàádúrà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ ₦300,000.

Ẹ lọ kí wọ́n tó buwọ́ lu ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "kò sówó" lẹ máa gbọ́. Bó bá jẹ́ àwọn ló san owó ìdánwò, ẹ ka ìwé tí ẹ buwọ́ lù kí ẹ tó halẹ̀ pé ẹ ń lọ. Ẹ lè ní láti dá owó padà.

Bí wọ́n bá fún yín ní oyè lásán (ó wọ́pọ̀ jù!), ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó máa bẹ̀rẹ̀ sínú lẹ́tà.