Dìgírì, sátífíkéètì, àti gbèsè tó pòórá nínú tábìlì

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Iléṣà ni mò ń gbé, ND ni mo ní. Mo ti fúnra mi kọ́ Excel àti SQL, mo sì ń kó iṣẹ́ jọ tí màá lè fi han agbanisíṣẹ́. Owó ọwọ́ mi ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ṣé kí n gba sátífíkéètì dátà ni, àbí kí n padà sílé ìwé lọ gba dìgírì?"

Àbúrò mi, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. ND ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, mo gba sátífíkéètì, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó lọ gba dìgírì. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kún dáadáa ni kó o fi ṣáájú, kí sátífíkéètì tẹ̀ lé e. Dìgírì dá lórí ibi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ sí.

Ìdí ni pé àwọn ibì kan wà tí wọn kì í wo ohun tó o mọ̀ kí wọ́n tó wo ìwé rẹ. Iṣẹ́ ìjọba, ìpele 06 ni ND ti ń bẹ̀rẹ̀, dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní 08, kò sì sí bó o ṣe lè mọ SQL tó tí yóò dí àlàfo yẹn. Ọ̀pọ̀ báńkì náà ń béèrè dìgírì pẹ̀lú ìwé NYSC. Mo ti bá àjọ kan ṣe dátà wọn fún ìgbà pípẹ́ lórí owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tí àyè iṣẹ́ náà ṣí, ẹlòmíì ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí n wá máa kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló ní dìgírì. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òfin wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ irú ibẹ̀ lọ́kàn rẹ wà, má dúró mọ́, gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB. ND tó dáa lè gbé ọ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó jáde kò ní sin ìlú mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni NYSC máa fún un. Má sì fi ọdún mẹ́ta orí ìwé ṣírò o: àwọn tó wà ní OAU ní 2022 mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU gbà lọ́wọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kéékèèké, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe látilé, sátífíkéètì tó láti jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà rẹ. Ti Google lórí Coursera dáa fún kíkọ́, àmọ́ ilé lo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọ̀pọ̀ ń mú níbẹ̀ ni ti Cyclistic, ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àfinúrò kan ní Chicago, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ sì ti rí i títí ó ti sú wọn. Mo fẹ́ràn PL-300, sátífíkéètì Power BI ti Microsoft, jù, torí ìdánwò gidi ni: wọ́n ń ṣọ́ ọ, o sì gbọ́dọ̀ gba 700 nínú 1000. Ọdún kan ló ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ ṣe é ní ilé ìdánwò o, má ṣe é nínú yàrá rẹ. Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ àlàyé NEPA lẹ́nu rẹ.

Iṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ gan-an, inú ìwé títà oníṣòwò kan ní Lágere ni mo ti rí i. Ó ń ta ọjà fún àwọn alátúntà, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, "Iya Bisi", "Mama Bisi" àti "Iya Bisi Sabo", ẹnì kan náà ni. Mo jókòó tì í, a tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Mo wá ṣe tábìlì méjì: `tita`, ìlà kan fún ọjà kan tó tà, àti `sisan`, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mú owó wá.

Jẹ́ kí n mú ìtà mẹ́ta péré kó o lè rí i. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦30,000, wọ́n san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ₦10,000. Ìkejì jẹ́ ₦12,000, wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta jẹ́ ₦8,000, wọn ò tíì san kọ́bọ̀. Àpapọ̀ ìtà jẹ́ ₦50,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ kọ nìyí:

```sql
SELECT SUM(t.owo)
FROM tita t
JOIN sisan s ON s.tita_id = t.id;
```

₦102,000 ló máa gbé jáde. Ìtà àkọ́kọ́ rí ìlà mẹ́ta bá a mu nínú `sisan`, ni ₦30,000 bá di ₦90,000. Ìkẹta ò rí ìlà kankan, ló bá pòórá. Kò sí àmì àṣìṣe kankan, àwòrán rẹ nínú Power BI á sì máa dán gbinrin. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o ka ìlà `tita` ṣáájú, kó o tún kà á lẹ́yìn tó o so wọ́n pọ̀. Mẹ́ta ló wọlé, mẹ́rin ló jáde. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kó o kọ́kọ́ pa owó sísan pọ̀ sí ìlà kan fún ìtà kọ̀ọ̀kan:

```sql
SELECT t.id, t.owo - COALESCE(s.san, 0) AS gbese
FROM tita t
LEFT JOIN (
  SELECT tita_id, SUM(iye) AS san
  FROM sisan
  GROUP BY tita_id
) s ON s.tita_id = t.id;
```

Má fo `COALESCE` yẹn, òun ló ń fi 0 rọ́pò `NULL`, ìyẹn àyè tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì san nǹkan kan, `NULL` ni tirẹ̀ máa jẹ́, `NULL` tí o bá sì yọ kúrò nínú owó, `NULL` náà ló máa dà. Ẹni tó jẹ ẹ́ jù gan-an ni kò ní hàn nínú orúkọ àwọn ajigbèsè. Ọkùnrin tó ń tajà kò bìkítà nípa SQL, ₦8,000 rẹ̀ ló ń wá.

Èyí ni mo kọ sójú ìwé kan, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bàjẹ́ àti èyí tó tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n pè mí fún íńtáfíù, wọn ò béèrè sátífíkéètì rárá. Ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀ ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé àpapọ̀ yìí tọ́?" Mo ní mo fi ọwọ́ ṣírò ojú ewé kan láti inú ìwé oníṣòwò náà, ó sì bá ti kọ̀ǹpútà mu. Ibẹ̀ la ti lo ìyókù àkókò wa.

Ìwọ wà ní Iléṣà, ọjà Àtàkúnmọ̀sà kò jìnnà sí ọ. Wá oníṣòwò kan tó ń tà láwìn, bá a to ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí o sì tọrọ àyè kó o tó gbé ohunkóhun síta. Yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò, fi nọ́ńbà oníbàárà rọ́pò wọn, torí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kàn wá. Kí o sì sọ owó gbogbo di ìlọ́po nọ́ńbà kan tí ìwọ nìkan mọ̀, kí ẹni tó ń bá a figagbága lọ́jà má bàa ka èrè rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.