Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n sí Àbúrò Nípa Bí Oyún Ṣe Ń Wáyé

Ìbéèrè: Ọmọ mi àgbà obìnrin fẹ́ kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 14, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kúbwà, Àbújá, láti ṣàlàyé bí oyún ṣe ń dé. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà sọ fún un pé ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kò lè lóyún. Báwo ni kó ṣe kọ ọ́ tí kò fi ní dẹ́rù bà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni mo fẹ́ kó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Kó kọ ọ́ báyìí:

"Àbúrò mi, lóṣooṣù, ẹyin kékeré kan máa ń jáde nínú ara obìnrin, ilé ọmọ á sì ti múra dè é. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá bá ara wọn lò pọ̀, àtọ̀ ọkùnrin á wọ ojú ara obìnrin, á sì gba inú ilé ọmọ lọ pàdé ẹyin náà. Bí wọ́n bá dàpọ̀, tí ẹyin sì lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ, oyún dé nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ilé ọmọ ti pèsè sílẹ̀ á ya dànù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, òun ni nǹkan oṣù."

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kó wá pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹyin kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni ẹyin máa ń jáde, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó kọjá. Bí ọmọbìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí òmíràn sì dé ní ọjọ́ 23, ẹyin rẹ̀ ti jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 9. Ìbálòpọ̀ ní ọjọ́ 5, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ lè má tíì dá, lè di oyún. Nǹkan oṣù ọmọ ọdún 14 kì í sábà dé déédéé, nítorí náà kò sí bó ṣe lè ka ọjọ́ náà ṣáájú. Ẹyin tilẹ̀ lè jáde kí ọmọ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́. Wíwẹ̀ tàbí títọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò sì lè lé àtọ̀ jáde.

Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé jíjókòó ti ọkùnrin tàbí dídì mọ́ ọn kì í fúnni lóyún. Wọ́n sọ òdì rẹ̀ fún púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí i pé irọ́ nìyẹn lè má gba òótọ́ tó kù gbọ́ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá bá ọmọ náà lò pọ̀, ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Kó sọ fún ìyá yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn tó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò ṣeé lò kọjá ọjọ́ 5, bó bá sì ṣe tètè lò ó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Bí nǹkan oṣù bá kàn pẹ́, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé oyún ni. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà ni yóò sọ ọ́.