Ọmọ Ọdún 6 Kò Lè Yàwòrán Bí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní kí n ṣe adájọ́ ìdíje àwòrán yíyà nílé ìwé wa. Láti ọmọ ọdún 5 dé 11 ni wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì òkè nìkan ló gba ẹ̀bùn, inú sì bí àwọn òbí. Báwo ni mo ṣe máa fún wọn ní máàkì tí kò ní sí ojúsàájú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún 5 sí 6, 7 sí 8, 9 sí 11, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ẹ má kó bébà wọn pọ̀ sórí tábìlì kan, torí èyí tó bá jọ fọ́tò ni ojú yín á máa lọ bá.

Máàkì 20 ni èmi máa ń lò: 8 fún àtinúdá, 7 fún akitiyan, 5 fún mímọ̀ ọ́n yà. Mo fi mímọ̀ ọ́n yà sí ìsàlẹ̀ nítorí pé ọjọ́ orí ló ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún 5 á ya orí ràbàtà, ọwọ́ á rí bí igi ìṣáná, nǹkan á sì fọ́n ká ojú bébà. Tó bá tó 7, á fa ìlà sísàlẹ̀ bí ilẹ̀, á to gbogbo nǹkan lé e. Ó lè ya ilé kí ẹ máa rí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bíi pé gíláàsì ni ògiri. Ẹ má yọ máàkì fún ìyẹn o, bí ọmọ yẹn ṣe yẹ kó yà á nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 9 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun kan bo apá kan òmíràn dáadáa.

Nígbà kan tí àkòrí wa jẹ́ “Ọjọ́ Ọjà”, ọmọ ọdún 6 kan ya ìyá rẹ̀ tó ga ju ìsọ̀ lọ, ìka mẹ́ta péré lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ya ara rẹ̀ tó ń sùn lábẹ́ tábìlì, aṣọ ìyá rẹ̀ bò ó, ó sì to àmì ara rẹ̀ títí dé etí aṣọ náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ya mọ́tò tó gún régé àti oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín, irú èyí tó wà lára ìwé ilé ìwé. Mo fún ti àkọ́kọ́ ní 7, 6 àti 3, ó jẹ́ 16. Ìkejì gba 2, 3 àti 5, ó jẹ́ 10.

Kíkun bébà kún kọ́ ni akitiyan. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti pa rẹ́ tó sì tún yà. Bí ìlà bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ọ̀dà rẹ̀ rí játijàti, ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà ti bá a yà á. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé, “Ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí fún mi.” Ẹni tó yà á fúnra rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ó tiẹ̀ sàn kí wọ́n yà á ní kíláàsì, wákàtí kan, bébà àti kíréyọ̀nù kan náà fún gbogbo wọn.

Ẹ wá adájọ́ kejì. Ẹ̀yìn bébà ni kí orúkọ wà, kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan sì dá kọ máàkì tirẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti fi ju 4 lọ yàtọ̀ síra, ẹ jọ tún un wò. Bí ọmọ méjì bá gba iye kan náà, èyí tí máàkì àtinúdá rẹ̀ pọ̀ jù ni kó gba ẹ̀bùn.