Kọ́kọ́rọ́ tí ó yẹ kí a fi pín tábìlì àwọn oníbàárà sórí sáfà púpọ̀

Ìbéèrè: «Ẹ̀yin àgbà, a ní áàpù àjọ ojoojúmọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó sì ti dé gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá báyìí. Oníbàárà wa ti tó mílíọ̀nù 12, sáfà kan ṣoṣo tí a ní kò sì gbà á mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. A fẹ́ fi ìjọba ìbílẹ̀ tí oníbàárà ń gbé pín wọn sórí sáfà 4. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe é?»

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìjọba ìbílẹ̀ pín in. Mo ti ṣiṣẹ́ rí lórí irú áàpù yìí gan-an, ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Oǹdó tí wọ́n ti fi ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ ìpín kí n tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ tí ó sì gba àkókò wa jù ni kíkó àwọn oníbàárà láti orí sáfà kan lọ sórí òmíràn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ hàn ni pé ẹrù kò dọ́gba. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ní Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan pọ̀ ju ti Ìdànrè, Ìfẹ́dọ̀rẹ àti Ẹsẹ̀-Odò lápapọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ń pa ìsọ̀ dé ní Ọjà Ọba, tí wọ́n sì ń dá àjọ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà tí Àkúrẹ́ wà lórí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń dà lé, àwọn sáfà yòókù kò sì rí nǹkan púpọ̀ ṣe. A ra sáfà kún un, kò yí ohunkóhun padà, nítorí pé nígbà tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ bá ti di kọ́kọ́rọ́, ibì kan náà ni gbogbo ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ lè rí èyí lórí dátà tiyín kí ẹ tó pín ohunkóhun:

```sql
SELECT lga, count(*) FROM users
GROUP BY lga ORDER BY 2 DESC;
```

Ẹ tún un ṣe lórí tábìlì owó àjọ tí ó ń wọlé, nítorí pé iye àkọsílẹ̀ tuntun ni ó ń dá sáfà lágara ju iye ènìyàn lọ.

Èkejì ni ó burú jù lójú tèmi. Ènìyàn a máa kó kúrò níbi tí ó ń gbé. Bí oníbàárà bá ti Òkìtìpupa kó wá sí Àkúrẹ́, tí ó sì yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn, ó sì di dandan kí a gbé òun àti gbogbo owó tí ó ti dá láti sáfà kan lọ sí èkejì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, ènìyàn kan náà yóò wà lórí sáfà méjì pẹ̀lú iye owó méjì tí kò bára mu. Mo ti jókòó ti irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí mò ń wá èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn, nígbà tí ìyá oníṣòwò tí ó ni owó ń dúró.

Nítorí náà, ohun tí kì í yí padà láéláé ni kí ẹ fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà fóònù kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí: àwọn ènìyàn a máa pààrọ̀ láìnì, ilé-iṣẹ́ fóònù a sì máa fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí a ti pa tì fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kì í yí padà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í pín wọn ní sáà-sáà, orí sáfà tí ó kẹ́yìn ni gbogbo ẹni tuntun yóò máa bọ́ sí. Ohun tí ó kù ni `user_id`, èyí tí áàpù fúnra rẹ̀ fún oníbàárà, tí kò sì ní ìtumọ̀ kankan níta áàpù.

Ẹ ṣe háàṣì `user_id` náà kí àwọn ènìyàn lè tàn ká déédéé, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye sáfà pín èsì háàṣì náà tààrà. Bí ẹ bá lo `h % 4` lónìí, tí ẹ sì fẹ́ fi sáfà karùn-ún kún un, ẹni tí `h % 4` rẹ̀ bá bá `h % 5` dọ́gba nìkan ni kò ní kúrò ní ipò rẹ̀. Nínú nọ́ńbà 20 tí ó tẹ̀ léra, 4 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 12 yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 9.6 tí yóò ní láti ṣí kúrò. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe àpò 1024 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí iye àpò náà má yí padà mọ́, kí tábìlì kékeré kan sì máa sọ sáfà tí àpò kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀:

```python
d = hashlib.sha256(str(user_id).encode()).digest()
bucket = int.from_bytes(d[:8], "big") % 1024
server = bucket_map[bucket]
```

Pẹ̀lú sáfà 4, àpò 256 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá fi ìkarùn-ún kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yọ àpò 51 fún un, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni yóò ṣí, ẹ sì lè gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo `hash()` tí ó wà nínú Python fún èyí, nítorí pé èsì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ a máa yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ètò náà bá tún bẹ̀rẹ̀. Kí tábìlì owó àjọ náà gba ipasẹ̀ `user_id` kan náà, kí oníbàárà àti owó rẹ̀ lè jọ wà lórí sáfà kan, kí ìyípadà sí méjèèjì sì wọlé pọ̀ tàbí kí ó kùnà pọ̀.

Ìṣòro kan wà tí kọ́kọ́rọ́ yìí yóò dá sílẹ̀ fún yín. Nọ́ńbà fóònù ni oníbàárà fi ń wọlé, kò mọ `user_id` rẹ̀, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ìwọlé kan máa kan ilẹ̀kùn sáfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sáfà kan kò sì lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà tuntun ti wà lórí òmíràn, nítorí náà `UNIQUE` lórí tábìlì `users` kò ní dáàbò bò yín mọ́. Ẹ ṣe tábìlì kejì tí ó ní `phone` àti `user_id` nìkan, kí ẹ fi háàṣì fóònù pín in, kí `UNIQUE` sì wà lórí rẹ̀. Nígbà ìforúkọsílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sínú tábìlì yìí, lẹ́yìn náà kí ẹ tó dá oníbàárà sílẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ kejì bá kùnà, nọ́ńbà kan ni yóò kù láìní ẹni, iṣẹ́ kékeré tí ó ń ṣiṣẹ́ lóru sì lè gbá a kúrò. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, ẹ lè ní oníbàárà méjì lórí nọ́ńbà kan, èyí tí kò sí iṣẹ́ òru tí ó lè tún un ṣe.

Ní ti ìṣíkúrò àpò, ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí sáfà tuntun, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyípadà tuntun máa tẹ̀ lé e, kí ẹ dá kíkọ sínú àpò kan yẹn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ ka iye ìlà àti àròpọ̀ owó ní ìhà méjèèjì, kí ẹ tó yí `bucket_map` padà. Ibi tí ewu wà ni pé áàpù kọ̀ọ̀kan a máa tọ́jú `bucket_map` sínú mẹ́mórì, èyí tí kò tíì gbọ́ ìròyìn yóò sì tún máa kọ nǹkan sí ibi àtijọ́. Kí sáfà àtijọ́ náà ní àkọsílẹ̀ àwọn àpò tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà pẹ̀lú àṣìṣe, kí áàpù náà lè lọ ka `bucket_map` tuntun kí ó tó tún gbìyànjú. Ẹ má pa àdàkọ àtijọ́ rẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn ti dáwọ́ dúró pátápátá.