Ṣíṣe ìkékúrú àyọkà ọjà Ẹ̀pẹ́

"Ọ̀rọ̀ 60 ni wọ́n ní kí n fi ké àyọkà náà kúrú. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ títí, 95 ló ṣì kù."

Ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn òǹkọ̀wé lẹ ṣì dì mú. Ẹ pa àyọkà náà dé, kí ẹ kọ kókó ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti to orúkọ nǹkan jọ. "Ní ọjà Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń ta àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, èpìyà, akàn àti edé": ọ̀rọ̀ 12. "Wọ́n ń ta ẹran omi lọ́jà Ẹ̀pẹ́": 7 péré.

Àmọ́ bí ìbéèrè bá dá lórí ọ̀bọ̀kún nìkan, ẹ má fi "ẹran omi" rọ́pò rẹ̀. Kókó gan-an lẹ máa pàdánù.